Ẹyọ Kan Létí, Ẹyọ Kan Nínú Kéèsì: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Lórí Íápọ́ọ̀dù, Mónò àti Sítẹ́ríò

Fóònù àti íápọ́ọ̀dù ni mò ń tún ṣe, tí mo sì ń tà, nítòsí Tákíè l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò níí wọlé pé òun fi ọ̀kan sí ṣáájì ni kọ́ọ̀lù bá já, tàbí pé orin ò pé mọ́ látìgbà tóun ti ń lo etí kan. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ti ń ro mí, ni mo bá kọ ọ́ síbí. Íápọ́ọ̀dù tí mò ń sọ ni ti ẹlẹ́yọ-méjì tí kò ní wáyà, èyí tó ń sùn sínú kéèsì kékeré.

Ṣé mo lè fi ẹyọ kan gba kọ́ọ̀lù kí èkejì máa ṣáájì?

Ẹ lè ṣe é, kò sóhun tó máa bà jẹ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní bátìrì tiẹ̀, máìkì tiẹ̀, sípíkà tiẹ̀ àti búlútúùtù tiẹ̀. Odidi ẹ̀rọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ má wò ó bíi ààbọ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni bí wọ́n ṣe ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ti àtijọ́, àti nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú kan tó ṣì wà lọ́jà, ọ̀kan ló jẹ́ ọ̀gá, òun nìkan ni fóònù mọ̀, òun ló wá ń ta gbogbo ohun tó bá gbọ́ látaré sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá ti ọ̀gá bọ kéèsì, ọmọọ̀ṣẹ́ á kàn máa wòye ni, kò mọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tuntun, èyíkéyìí tó bá wà níta lè ṣe ọ̀gá, wọ́n sì lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ tiyín rèé. Ẹ kó méjèèjì sínú kéèsì, ẹ dé e, ẹ ṣí i, ẹ yọ tòsì nìkan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fóònù á mú un. Ẹ dá a padà, ẹ dé e, kẹ́ ẹ wá yọ tọ̀tún nìkan. Tí fóònù bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹ tún ń so wọ́n pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti bọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló ń mú, tí èkejì kàn ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé èyí tó mú yẹn ni ọ̀gá, òun ló máa ń wà létí yín, èkejì lẹ lè máa fi sí ṣáájì.

Ohùn ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé kò níí dín kù tó bá jẹ́ etí kan?

Ọ̀rọ̀ kankan ò níí sọnù. Kọ́ọ̀lù kì í ṣe sítẹ́ríò láti ilé ẹ̀ wá. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ẹnu kan ló ní, ohùn kan ni fóònù ẹ̀ gbà, ohùn kan náà ló gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá bá yín. Tẹ́ ẹ bá wá ki méjèèjì bọ etí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ sí yín lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá jíṣẹ́ kan náà fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lé Kẹ́hìndé wọlé, iṣẹ́ náà ti dé.

Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn páálí íápọ́ọ̀dù, ẹ máa rí HFP àti A2DP níbẹ̀. Ọ̀nà méjì tí búlútúùtù ń tọ̀ nìyẹn. HFP ni ọ̀nà kọ́ọ̀lù, ó ní àlọ ó ní àbọ̀, torí pé ẹ̀yin náà ń fèsì. A2DP ni ọ̀nà orin, àlọ nìkan ló ní, ìdí nìyẹn tí àyè fi gbà á láti gbé tọ̀tún àti tòsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ọ̀nà kọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ ń bu ohùn wò nígbà 8,000 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, àwọn tó dáa díẹ̀ ń ṣe é nígbà 16,000. Orin tó wà nínú fóònù yín sábà máa ń jẹ́ 44,100 fún etí kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé wọn kì í ṣẹgbẹ́.

Ibẹ̀ náà ni èsì ìbéèrè àwọn tó máa ń sọ pé orin dáa tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀lù ṣe wọlé báyìí tàbí tí wọ́n ń gbá géèmù tí wọ́n tan máìkì, gbogbo ẹ̀ á wá dún bíi pé inú agolo mílíìkì ló ti ń wá. Íápọ́ọ̀dù ò bà jẹ́. Ó ti kúrò lójú ọ̀nà orin ni, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà kọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ bá gé kọ́ọ̀lù, lẹ́yìn bíi sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan á padà síbi tó wà.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ohùn dín kù ni pé etí méjì máa ń gbọ́ ohun kan náà sókè ju etí kan lọ, etí tó ṣí sílẹ̀ sì tún ń gba ariwo ọlọ́kadà àti jẹnẹrétọ̀ wọlé. Kí ẹ tó yí fọ́líùmù dé òkè pátápátá, ẹ kọ́kọ́ fi ìka dí etí kejì ná, ẹ máa rí i pé ó ti tó.

Kí wá ni mónò, kí ni sítẹ́ríò, ẹ ṣàlàyé bí ẹni ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

Ẹ ronú òde ìnáwó. Ẹ jókòó, onígángan wà lápá òsì yín, àwọn elégbè wà lápá ọ̀tún, olórin fúnra ẹ̀ dúró lọ́gangan iwájú. Kódà tẹ́ ẹ bá dijú, ẹ mọ apá ibi tí ìlù ti ń wá, torí etí òsì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì rinlẹ̀ níbẹ̀ jù. Irú ẹ̀ ni sítẹ́ríò fẹ́ ṣe. Ìró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú orin, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Wọ́n lè ti gángan sápá òsì, kí wọ́n ti elégbè sápá ọ̀tún. Ohùn olórin wà nínú méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ìyẹn ló fi máa ń dà bíi pé àárín orí yín gan-an ló dúró sí. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, ẹnjiníà ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ Alan Blumlein ti kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní 1931.

Mónò ní tiẹ̀, àwo kan ni wọ́n bu gbogbo ẹ̀ sí. Ìlù, elégbè, olórin, gbogbo wọn wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ẹ ò níí mọ ẹni tó wà lápá ibì kan mọ́. Àwọn kan máa ń pe mónò ní ayédèrú, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń lo etí kan, mónò ló pé, sítẹ́ríò gan-an ló máa rẹ́ ẹ jẹ.

Báwo ló ṣe máa rẹ́ mi jẹ? Èmi ò rí i pé nǹkan kan sọnù.

Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀lù, lóòótọ́ ni, nǹkan kan ò sọnù. Orin ni mò ń sọ. Àwọn íápọ́ọ̀dù kan gbọ́n, tí wọ́n bá ti rí i pé èkejì ti wọ kéèsì, wọ́n á po tọ̀tún àti tòsì pọ̀ fún ẹyọ tó wà níta. Àwọn mìíràn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tọ̀tún á máa sọ tọ̀tún nìkan, ohun tó wà lápá òsì á lọ báyẹn. Nínú orin tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè yẹn, ẹni tó ki tọ̀tún nìkan bọ etí á gbọ́ olórin àti elégbè, gángan ò níí sí níbẹ̀ rárá, ó lè gbọ́ ọ fún ọdún kan kó má mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ fi èyí dán an wò. Ẹ lọ sórí YouTube, ẹ tẹ left right stereo test, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó wà létí yín, kí èkejì wà nínú kéèsì kí kéèsì wà ní dídé. Ẹnì kan á máa pe òsì, á pe ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ méjèèjì, tiyín ń po ó pọ̀, ẹ lọ jókòó. Tó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó pe ọ̀kan, kò pò ó.

Tí kò bá pò ó, fóònù lè bá a pò ó. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ mono síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lókè, á gbé Mono audio jáde, abẹ́ Accessibility ló máa ń wà. Lórí iPhone, Settings, lẹ́yìn náà Accessibility, lẹ́yìn náà Audio & Visual, ibẹ̀ lẹ máa bá Mono Audio. Ẹ tan án. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi méjèèjì gbọ́ orin, ẹ rántí pa á o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa wá máa sọ fún mi pé íápọ́ọ̀dù tuntun tẹ́ ẹ rà ò dùn.

Ẹ kíyè sí ìlà kan tó ní bọ́tìnì yíyọ̀ tó máa ń wà nítòsí ibẹ̀, tó ní L ní ìpẹ̀kun kan, R ní ìpẹ̀kun kejì. Àárín ni kó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan wá bá mi láti Under G, ó ní apá ọ̀tún òun ti kú, ó ti mú owó dání láti ra òmíràn. Mo wo fóònù ẹ̀, ìka ti fa bọ́tìnì yẹn dé ọ̀dọ̀ L pátápátá. Mo dá a padà sáàárín, tọ̀tún pariwo. Mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Kọ́ọ̀lù mi máa ń já gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá kan fún yín.

Màmá yìí ń ta èlùbọ́ ní Sábó. Àwọn oníbàárà ẹ̀ láti Ìbàdàn àti Èkó ò jẹ́ kó sinmi láti àárọ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì máa ń wà nínú èlùbọ́, kò lè máa gbé fóònù sétí. Etí ọ̀tún ló fi ń gba kọ́ọ̀lù, etí òsì ló fi ń gbọ́ àwọn tó dúró níwájú ẹ̀ tí wọ́n ń ná ọjà. Ó ti tó bí ó ṣe yẹ kó rí. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán, íápọ́ọ̀dù á ní iná òun fẹ́ tán, Màmá á yọ ọ́, á jù ú sínú kéèsì, á mú tòsì, á kì í bọ etí, kò níí gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kan ó wọlé sí mi, kò tiẹ̀ kí mi dáadáa. "Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan tó o tà fún mi yìí ń lé oníbàárà mi lọ. Ẹni tó fẹ́ gba àpò márùn-ún ní mo já fóònù mọ́ òun lójú torí ó ná mi ní iye tí mi ò fẹ́!"

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo fi fóònù mi pè wọ́n, mo ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lójú mi. Wọ́n kọ́kọ́ dá tọ̀tún padà sínú kéèsì, kí wọ́n tó wá máa wá tòsì jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún èlùbọ́. Ó tó bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́fà tí kò sí ẹyọ kankan níta. Mo mú fóònù wọn látinú àpò ìdí wọn, mo fi hàn wọ́n: kọ́ọ̀lù ṣì ń kà, kò já rárá. Nígbà tí fóònù ò rí íápọ́ọ̀dù mọ́, ó gba ohùn padà sí etí ara ẹ̀, nínú àpò ìdí lọ́hùn-ún. Oníbàárà ń ṣe "hẹ́lò, hẹ́lò" sínú aṣọ, kò séèyàn tó dá a lóhùn, òun fúnra ẹ̀ ló gé e.

Torí náà, èyí tó ti yó ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sétí kejì, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ẹni náà nínú etí méjèèjì, nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dá èyí tó ti rẹ̀ padà sínú kéèsì kẹ́ ẹ sì dé e. Ẹ má dúró kó kú tán. Tó bá ti kéde pé iná ń lọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, torí ẹ nílò kí méjèèjì jọ wà láàyè fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.

Tó bá jẹ́ irú èyí tó ní ọ̀gá àti ọmọọ̀ṣẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kí kọ́ọ̀lù ṣì yẹ̀ síta pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe ṣe é yẹn. Fún irú ẹ̀, ẹ tẹ àmì sípíkà tó wà lójú fóònù nígbà kọ́ọ̀lù, ẹ mú Phone, ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ pààrọ̀ íápọ́ọ̀dù yín ní sùúrù, kẹ́ ẹ tún padà mú Bluetooth níbi kan náà.

Mo pààrọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń ṣe bíi pé ó ṣì wà lórí èyí tó wà nínú kéèsì.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màmá yẹn náà ló sì fi hàn mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó padà wá, ó ní òun ṣe bí mo ṣe wí, ohùn tún sọnù, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí tábìlì. Ó gbé kéèsì sétí báyìí, oníbàárà ló wà nínú ẹ̀!

Nínú kéèsì, ihò kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ irin tíntìntín méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí íápọ́ọ̀dù náà ní ojú irin tó ń kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ íápọ́ọ̀dù fi ń mọ̀ pé òun ti délé. Tí irin ò bá kan irin, kò níí ṣáájì, kò sì níí pa ara ẹ̀, á rò pé etí lòun ṣì wà, á di kọ́ọ̀lù mú. Ti Màmá, èlùbọ́ ló ti dì mọ́ ọn, funfun báláú. Tiyín lè jẹ́ èérí etí. Mo fi òwú gbígbẹ tó wà lórí igi rọra nù ún, èyí tó gan díẹ̀ mo fi sípírítì kán òwú náà, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó dá a padà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ ha á o, àwọn abẹ́rẹ́ irin yẹn ní sípíríǹgì lábẹ́, tí wọ́n bá wọlé tí wọn ò jáde mọ́, kéèsì ti lọ nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ wo iná. Tẹ́ ẹ bá ti fi sínú ihò, iná yẹ kó tàn, lára kéèsì tàbí lára íápọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀. Tí kò bá tàn, ẹ fi ìka tẹ orí íápọ́ọ̀dù náà díẹ̀, tó bá wá tàn, irin ni kò kan ara wọn dáadáa.

Ẹ sì máa dé kéèsì. Nínú ọ̀pọ̀, ṣíṣí ìdérí ló ń jí wọn, máágínẹ́ẹ̀tì kékeré ló wà nínú ìdérí tó ń sọ bóyá ilé ti ṣí. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, èyí tó wà nínú ilé lè jí, kó tún bá yín du kọ́ọ̀lù.

Tí mo bá ń pààrọ̀ wọn báyìí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Ẹ jẹ́ ká fi ti Màmá ṣe ìṣirò. Páálí sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 mAh, kéèsì jẹ́ 400 mAh. Èèyàn á ní kéèsì á fún ẹyọ kan lóúnjẹ nígbà mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kéèsì ní láti gbé iná bátìrì ẹ̀ láti bíi fóòtì 3.7 lọ sí 5, íápọ́ọ̀dù á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó wọ bátìrì tiẹ̀, ooru ló ń gbé ìyókù lọ, ẹ fọwọ́ kan kéèsì nígbà tó bá ń ṣáájì ẹ máa rí i pé ó gbóná díẹ̀. Bíi mẹ́fà ni ẹ máa rí gbà nígbà tí kéèsì bá ṣì jẹ́ tuntun.

Ní ọwọ́ Màmá, ẹyọ kan ń lo bíi wákàtí mẹ́ta lórí kọ́ọ̀lù, ó sì ń yó láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Kọ́ọ̀lù ń jẹ iná ju orin lọ nítorí máìkì ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ má fi iye wákàtí orin tí wọ́n kọ sára páálí ṣírò kọ́ọ̀lù. Nítorí pé yíyó yá ju lílò lọ, èkejì ti máa ń ṣetán kí ti etí tó rẹ̀. Méjì tó kún láti àárọ̀ àti mẹ́fà tó wà nínú kéèsì, mẹ́jọ nìyẹn, ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, wákàtí 24 ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sẹ́ni tó ń ta èlùbọ́ tó máa sọ̀rọ̀ tó yẹn lójúmọ́, kódà kí NEPA má mú iná wá fún ọjọ́ méjì, á ṣì ní nǹkan nínú.

Orúkọ méjì ló jáde lórí fóònù mi, ọ̀kan L, ọ̀kan R.

Wọ́n ti gbàgbé ara wọn nìyẹn, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń yọ ọ̀kan nìkan fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ pa orúkọ méjèèjì rẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú Forget, ẹ kó wọn sínú kéèsì, ẹ dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n jẹ́ tuntun, bí ìwé wọn ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ yọ méjèèjì papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n rí ara wọn kẹ́ ẹ tó tan búlútúùtù fóònù.

Tọ̀tún ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ó ti ń tètè kú ju tòsì lọ.

Bátìrì ẹ̀ ti gbó ju ti èkejì ni. Gbogbo ìgbà tó bá kún tó sì tán ló ń dín díẹ̀ lára ẹ̀, òsì tó ń sùn nínú kéèsì ò sì ṣiṣẹ́ tó o. Mi ò lè bá yín pààrọ̀ bátìrì yẹn kó tún dà bí àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa. Àfi kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ fún wọn. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ti rí tiẹ̀ ṣe: tọ̀tún ló ń lò títí wọ́n á fi pe ìrun Àílà, ó ń yọ ọ́ láti ṣe àlùwàlá, tòsì ló sì máa ń kì bọ etí tó bá ti kírun tán.